Ìpolówó tó ń mú owó wọlé lè máa jẹ èrè run

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò owó ìpolówó ló gbà pé bí ẹyọ owó kan tí wọ́n fi kún ìpolówó bá ṣì ń mú ju ẹyọ owó kan lọ wọlé, kí wọ́n máa fi kún un nìṣó. Ìgbà tó bá di pé ẹyọ kan ń mú ẹyọ kan péré wá ni wọ́n ń rò pé ó tó àkókò láti dáwọ́ dúró. Ó dún bí ìṣirò tó gún, ìdí nìyẹn tí kì í fi sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń tẹ̀ lé e á máa rí i pé owó títà ń gòkè lóṣooṣù, àwọn tó ń bójú tó ìpolówó á máa gba oríyìn, èrè á sì máa fà sẹ́yìn láìsí ẹni tó lè sọ ibi tó gbà lọ.

Ohun tí ìlànà yìí gbàgbé ni pé ọjà tí ìpolówó tà kì í ṣe ọ̀fẹ́. A ní láti ṣe é, ká dì í, ká gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ká san owó fún báńkì tó gba owó náà wọlé, ká sì fara mọ́ èyí tí oníbàárà bá dá padà. Bí páálí kan bá ń tà ní 10, tí ṣíṣe páálí kan sí i sì ń ná wa ní 8, ẹyọ 2 péré ló ṣẹ́kù láti fi san owó ìpolówó tó mú oníbàárà náà wá. Nítorí náà, ẹyọ kan tí ìpolówó mú wá nínú owó títà kò tó nǹkan kan: ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni tiwa.

Ibi tó yẹ ká ti dúró wá hàn kedere. Ẹ pín iye tó ṣẹ́kù lórí páálí kan sí iye owó tí a ń tà á. Níbí, 2 sí 10, ìyẹn 20%. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìpín èrè. Ẹyọ tó gbẹ̀yìn nínú owó ìpolówó gbọ́dọ̀ mú owó títà tó pọ̀ débi pé ìdá 20% rẹ̀ á tó ẹyọ kan. Ìyẹn jẹ́ 5. Bí ẹyọ tó gbẹ̀yìn bá ń mú 4 wá, a ti kọjá àlà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé 4 yẹn dà bí ìlọ́po mẹ́rin ohun tí a ná. Ilé-iṣẹ́ tí ìpín èrè rẹ̀ jẹ́ 50% á dúró sí 2, èyí tí tiẹ̀ jẹ́ 10% á dúró sí 10. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó yẹ kó dúró sí 1, àfi èyí tí kì í ná ohunkóhun láti pèsè ọjà rẹ̀.

Ibi tí iye owó ti wọ̀ ọ́

Títí dé ìhín, a ti lo ìpín èrè bíi pé ó kàn bọ́ sílẹ̀ láti òkè ni. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní agbára lórí ọjà rẹ̀, èyí tó lè fowó lé ọjà láìpàdánù gbogbo oníbàárà rẹ̀, ló ń fúnra rẹ̀ yan ìpín èrè nígbà tó bá yan iye owó. Ohun tó sì yẹ kó darí yíyàn yẹn ni bí àwọn oníbàárà ṣe ń fèsì nígbà tí owó bá yí padà. Bí owó bá fi 1% gòkè tí iye páálí tí wọ́n ń rà sì fi 5% lọ sílẹ̀, a ó sọ pé ìfèsì wọn sí iye owó jẹ́ 5. Ẹlasitísítì ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ń pe òṣùwọ̀n yìí. Òǹkà rẹ̀ máa ń ní àmì àyọkúrò níwájú, nítorí pé nǹkan méjèèjì ń lọ sí ọ̀nà òdì sí ara wọn. A ó yọ àmì náà kúrò kó má bàa dí wa lọ́wọ́.

Onímọ̀ ọrọ̀-ajé Abba Lerner ló fi hàn lọ́dún 1934 pé nígbà tí irú ilé-iṣẹ́ yìí bá ti fi owó sí ibi tó máa mú èrè tó pọ̀ jù lọ wá, ìpín èrè rẹ̀ á jẹ́ 1 tí a fi ìfèsì sí iye owó pín. Ìfèsì 5 ń fúnni ní ìpín èrè 20%, ìfèsì 2 ń fúnni ní 50%. Ẹ fi èyí ti ohun tí a sọ lókè nípa ibi ìdúró, ẹ ó sì rí i pé òǹkà kan náà ni wọ́n. Bí owó ọjà bá wà ní ibi tó yẹ, ibi tó yẹ kí ìpolówó ti dúró ni ibi tí ẹyọ tó gbẹ̀yìn ti ń mú owó títà wá tó dọ́gba pẹ̀lú ìfèsì sí iye owó. Ìfèsì náà ló ń sọ owó tí a ó tà á, òun náà ló tún ń sọ bí ìpolówó ṣe gbọ́dọ̀ mú tó. A ò lè pinnu ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀.

Robert Dorfman àti Peter Steiner ló kọ ìlànà náà sílẹ̀ lọ́dún 1954 lọ́nà tó rọrùn láti lò. Ohun kan ló kù tí a nílò, ìyẹn ìfèsì sí ìpolówó: bí owó ìpolówó bá fi 1% gòkè, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni iye ọjà tí wọ́n ń rà á fi gòkè? Ìgbà tí a bá ní méjèèjì lọ́wọ́:

```
owó ìpolówó ÷ owó títà = ìfèsì sí ìpolówó ÷ ìfèsì sí iye owó
```

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú òǹkà

Ká mú ilé-iṣẹ́ tí a ti ń sọ láti òkè. Ṣíṣe páálí kan sí i ń ná an ní 8. Ìfèsì sí iye owó jẹ́ 5, nítorí náà 10 ló ń tà á. Ìfèsì sí ìpolówó jẹ́ 0.1. Ó ń tà 100,000 páálí lọ́dún, owó títà rẹ̀ sì jẹ́ 1,000,000. Ìlànà òkè yìí sọ pé kí ìpolówó jẹ́ 0.1 tí a fi 5 pín, ìyẹn 2% owó títà, tó jẹ́ 20,000. Lẹ́yìn tó bá ti san owó yìí, 180,000 ló kù fún un kó tó san owó ilé, owó oṣù àwọn ará ọ́fíìsì àti irú àwọn ìnáwó bẹ́ẹ̀ tí kì í yí padà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gba ìgbàgbọ́ àtijọ́ gbọ́ wọlé. Ó wo òǹkà, ó rí i pé ẹyọ tó gbẹ̀yìn nínú 20,000 yẹn ń mú ẹyọ 5 owó títà wá. Lójú tirẹ̀, owó ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣà. Ó sọ ìpolówó di 40,000. Owó títà gòkè sí nǹkan bí 1,071,800. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó fi kún un mú nǹkan bí 3.6 wá ní ìpíndọ́gba, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ìdá 20% nínú 71,800 tó fi kún owó títà kò ju nǹkan bí 14,360 lọ, 20,000 ló sì ná láti rí i. Èrè ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 174,360.

Kò ní dúró síbẹ̀, nítorí ẹyọ tó gbẹ̀yìn ṣì ń mú nǹkan bí 2.7 wá. Bó bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ dé òpin, tó lọ títí ẹyọ kan fi ń mú ẹyọ kan péré wá, owó ìpolówó á di nǹkan bí 119,600. Owó títà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 20% pọ̀ sí i, á wà ní nǹkan bí 1,195,800. Èrè tó kù á jẹ́ nǹkan bí 119,600. Nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà owó ìpolówó ni wọ́n ná láti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta èrè wọn, ọdún tí èyí ṣẹlẹ̀ gan-an ló sì máa dà bí ọdún tí títà dára jù lọ nínú ìwé ìṣirò wọn. Ìdí tí àṣìṣe yìí fi ń pẹ́ láìhàn nìyẹn: kò sí àmì ewu kankan nínú owó títà.

Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ náà gé ìpolówó sí 10,000, owó títà á bọ́ sí nǹkan bí 933,000, èrè á sì jẹ́ nǹkan bí 176,600. Láti 180,000, ìyẹn ò tó 2% àdánù. Lórí ibi tó dára jù lọ, ilẹ̀ tẹ́jú. Bí ẹ bá ná ìdajì tàbí ìlọ́po méjì iye tó yẹ, ohun tí ẹ ó pàdánù kò pọ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí láti máa jà lórí bóyá 1.8% ni tàbí 2.2%. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kéèyàn wà níbi 10% nígbà tó yẹ kó wà níbi 2%, ìlànà àtijọ́ yẹn gan-an ló sì ń gbé èèyàn débẹ̀. Kódà, ó máa ń mú ìpín ìpolówó nínú owó títà dọ́gba pẹ̀lú ìfèsì sí ìpolówó nìkan, bíi pé ìfèsì sí iye owó kò sí rárá.

Ta ló yẹ kó polówó jù?

Ìgbàgbọ́ kejì ń tẹ̀ lé àkọ́kọ́ yìí bí òjìji: pé ilé-iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sá lọ nítorí owó tín-ínrín ló yẹ kó polówó jù, pé èyí tó ti rinlẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní abánidíje kò nílò rẹ̀. Ẹ wo ìlànà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìfèsì sí iye owó ló wà nísàlẹ̀. Bó bá ṣe ń tóbi sí i ni ìpín ìpolówó ń kéré sí i. Oníbàárà tó ń sá nítorí owó ń mú kí ìpín èrè wa tín-ín-rín, ìpín èrè tín-ín-rín ò sì lè san owó ìpolówó. Ká lọ dé òpin pátápátá: àgbẹ̀ tó ń ta ọkà tó jọ ti gbogbo àgbẹ̀ mìíràn kò lè fi kọ́bọ̀ kan lé owó ọjà, ìfèsì tirẹ̀ kò lópin, òǹkà ìpolówó tirẹ̀ sì jẹ́ òdo. Ilé-iṣẹ́ tó ní agbára lórí ọjà ni ìpolówó ń san án fún, ìyẹn bí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá ń fèsì sí ìpolówó ní tòótọ́. Agbára láìsí ìfèsì sí ìpolówó kò mú nǹkan kan wá: ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ tí wọ́n sì ń rà bó ti wù kó rí ní ìfèsì sí ìpolówó tó sún mọ́ òdo.

Ríronú lórí òǹkà méjèèjì

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí, nítorí pé ìlànà náà kò dára ju òǹkà tí a fi sínú rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ pín àwọn agbègbè tí ẹ ń tà sí sí ọ̀wọ́ mẹ́ta tí títà wọn ti jọra látẹ̀yìnwá. Ní ọ̀wọ́ kìíní, ẹ fi 50% kún ìpolówó, kí owó ọjà má yí. Ní ìkejì, ẹ fi 4% kún owó ọjà, kí ìpolówó má yí. Ẹ má fọwọ́ kan ìkẹta. Ẹ jẹ́ kó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán, kí ẹ sì fi ìyípadà tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀wọ́ ìkẹta yọ ohun tí ojú ọjọ́ tàbí àsìkò ọdún fà kúrò. Ká ní iye páálí gòkè ní 4.1% ní ti ìpolówó, tó sì lọ sílẹ̀ ní 17.8% ní ti iye owó. Nínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ:

```
=LN(1.041)/LN(1.5)
=LN(0.822)/LN(1.04)
```

Ìkíní á fún yín ní nǹkan bí 0.1, ìkejì ní nǹkan bí −5. Bí ẹ bá kàn pín 4.1 sí 50, 0.08 ni ẹ ó rí, nítorí pé 50% ti jìnnà ju ohun tí pípín lásán lè wọ̀n dáadáa. Ìyípadà ìpolówó tó kéré, bíi 5%, kò ní hàn láàárín ariwo títà ojoojúmọ́, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ tóbi. Ẹ má sì yí owó àti ìpolówó padà pọ̀ ní agbègbè kan náà, torí ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe iṣẹ́.

Àwọn tó fẹ́ yẹra fún ìdánwò yìí máa ń kó ìṣirò ọdún mélòó kan jọ, wọ́n á wo bí ìpolówó àti títà ṣe ń rìn pọ̀. Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú owó títà ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń ṣètò ìpolówó, títà ló ń fa ìpolówó, kì í ṣe ìpolówó ló ń fa títà. Méjèèjì á rìn pọ̀ bí ìbejì, ìfèsì tí a rí á sì tóbi gan-an láìjẹ́ òótọ́. Ìròyìn tí àwọn tó ń ta àyè ìpolówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń fún wa ní irú àìsàn yìí náà: wọ́n ń ka gbogbo ẹni tó tẹ ìpolówó kó tó rà, títí kan ẹni tó ń bọ̀ wá rà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2012, ilé-iṣẹ́ ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì eBay dáwọ́ ìpolówó tó ń jáde nígbà tí èèyàn bá fi orúkọ eBay wá nǹkan lórí Yahoo àti MSN dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tí ì bá tẹ ìpolówó náà ló gba àbájáde ìwákiri lásán wọlé. Ìwádìí tó ròyìn ìdánwò yìí jáde lọ́dún 2015. Ìfèsì sí irú ìpolówó yẹn sún mọ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ìròyìn tẹ́lẹ̀ ń fi èrè ńlá hàn.

Láti mọ̀ bí òǹkà yín bá bọ́gbọ́n mu, àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 rí i pé ìfèsì sí ìpolówó fún orúkọ ọjà kan jẹ́ nǹkan bí 0.12 láàárín àkókò kúkúrú, àti nǹkan bí 0.24 bí a bá ka ipa tó ń pẹ́. Àkójọ mìíràn tọdún 2005 rí ìfèsì sí iye owó tó tó 2.62 ní ìpíndọ́gba. Ẹ má fi wọ́n rọ́pò tiyín o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí 0.6 fún ìpolówó, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìṣirò ti yẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín 0.12 àti 0.24 náà ṣe pàtàkì: ìdánwò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò rí oníbàárà tó padà wá rà lẹ́yìn náà. Bí ọjà yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń rà léraléra, ẹ máa wo àwọn agbègbè náà lọ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ìdánwò bá parí.

Òǹkà kẹta tí wọ́n sábà máa ń gbé jókòó lódì ni ìnáwó lórí páálí. Owó tí páálí kan *sí i* ń ná yín ni kí ẹ lò, kì í ṣe gbogbo ìnáwó ilé-iṣẹ́ tí a fi iye páálí pín. Owó ilé kì í gòkè nítorí pé ẹ ta páálí kan sí i, bí ẹ bá kà á mọ́ ọn, ìpín èrè á dà bíi pé ó kéré, ẹ ó sì polówó kéré jù. Àmọ́ bí ilé-iṣẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ dé òpin agbára rẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ àṣekún alẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe páálí tuntun, ìnáwó yẹn lè ti di 9, kí ìpín èrè sì bọ́ sí 10% bí owó ọjà bá ṣì jẹ́ 10. Ibi ìdúró á wá di 10 dípò 5.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń gé owó ọjà, kí wọ́n sì tú owó ìpolówó dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí 10 bá di 9 nígbà tí ìnáwó ṣì jẹ́ 8, ẹyọ 1 nínú 9 ló kù, ẹyọ tó gbẹ̀yìn nínú ìpolówó sì gbọ́dọ̀ mú 9 wá kó tó san án. Nígbàkigbà tí owó ọjà kò bá sí ní ibi tó yẹ, yálà nítorí ẹ̀dínwó tàbí nítorí pé ìjọba fi òté lé e, ẹ lo ìpín èrè tó wà lórí ilẹ̀ gan-an, ẹ fi ìfèsì sí ìpolówó sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ gbàgbé ìfèsì sí iye owó títí di ìgbà tí owó á padà sáyè.

Ìpolówó fúnra rẹ̀ lè yí ìfèsì padà

A ti ṣe bíi pé ìfèsì sí iye owó dúró sójú kan. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìpolówó tó ń sọ ohun tó mú ọjà wa yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn lè mú kí oníbàárà má tètè sá. Ká ní 5 di 4: owó tó yẹ á kúrò ní 10 sí nǹkan bí 10.67, ìpín ìpolówó á sì kúrò ní 2% sí 2.5%. Ilé-iṣẹ́ tó bá fi owó sílẹ̀ ní 10 ti polówó fún àǹfààní tí kò gbà.

Ìpolówó tó ń kéde iye owó nìkan máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀, torí ó ń kọ́ oníbàárà láti máa fi owó wé owó. Lọ́dún 1972, Lee Benham fi owó awò ojú wé ara wọn láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé ibi tí òfin ti ka ìpolówó léèwọ̀ ni awò ti wọ́n jù. Bí ìpolówó owó bá gbé ìfèsì tiwa láti 5 sí 8, owó tó yẹ á bọ́ sí nǹkan bí 9.14, ìpín ìpolówó á sì di 1.25%. Nítorí náà, bí ẹ bá yí irú ọ̀rọ̀ tí ìpolówó yín ń sọ padà, ẹ tún ìdánwò iye owó ṣe ní àwọn agbègbè tí ìpolówó tuntun náà ti dé, kí ẹ tún owó ọjà ṣírò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kan owó ìpolówó.